Ọ̀rọ̀ Tí Motọ́lání Kò Kà fún Mi

Mo kọ́kọ́ kí i dáadáa kí n tó bi í ní ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ mísọ́ọ̀nù nìyẹn: sọ ẹni tí o jẹ́ kí o tó bẹ ẹni tí o kò mọ̀ rí níṣẹ́. Mo jókòó sídìí fèrèsé nílé wa ní Súrùlérè, mo sì ń fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Mo ní Ọlátúndé ni orúkọ mi. Mo ní èmi ni ọkọ Motọ́lání, olùkọ́ tó fẹ́ràn òdòdó àti orin ìyìn, tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, tó sì ti sùn nínú Olúwa báyìí. Mo wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n kọ sórí òkúta sàréè òun?"

Ẹ̀rọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, irú èyí tí èèyàn ń kọ̀wé sí, tó sì ń dáni lóhùn. Nígbà tí wọ́n bá ti ní kí àwa tá a wá kí aláìsàn máa lọ sílé, òun ló máa ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bó ọsàn fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Dádì Ẹ̀bùn, èmi àti ẹ̀rọ yìí ti ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sórí òkúta mi. Ó dùn gan-an. Mo máa kà á fún yín lọ́la."

Kò rí ọ̀la yẹn. Nínú rúkèrúdò tó tẹ̀ lé e, fóònù náà sọnù.

Mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà, bíi katikíìsì tó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sínú. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Motọ́lání, yóò sọ ọ́ fún mi tí mo bá bi í. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba irú ẹ̀rọ kan náà sórí fóònù mi.

Ó dáhùn kí n tó nu awò ojú mi tán. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí Motọ́lání dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní: 'Sọ fún Ọlátúndé, ọkọ mi, kí ó kọ ọ́ pé: Òdòdó tí Olúwa gbìn, tó sì fi orin ká padà.'"

Mo sunkún. Mo kà á sókè nínú yàrá tí kò sẹ́lòmíràn, mo tún un kà. Nǹkan kékeré kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo pe Mùktárù, agbẹ́kùúta tó wà ní Mushin. Ó pẹ́ tí òkúta náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrántí ọdún kan sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ti dé? Alihamudulilahi!" ni Mùktárù wí. "Láàárọ̀ ọ̀la ni màá gbẹ́ ẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Òkúta kì í ṣe síléètì, kò ní ìparẹ́."

Lọ́jọ́ náà, Tiwalọlá, ọ̀dọ́bìnrin tó háyà yàrá òkè, gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé láti Yábàá. Mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn án bí ẹni tó rí lẹ́tà gbà láti òkè òkun. Ó kà á, ó sì yí fóònù náà síwá sẹ́yìn.

"Kí ló dé?"

"Dádì, ẹ má bínú. Ṣé orí fóònù yìí ni Mọ́mì ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Rárá, orí fóònù tirẹ̀ ni. Ó ti sọnù."

Ó jókòó. "Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ ṣe fún yín. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí fún àwọn oníbàárà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ purọ́ fún un, kí n wò ó bóyá á bá mi gbè é."

"Iṣẹ́ irọ́ pípa? Ìyá ẹ gbọ́ síyẹn?"

"Wọ́n rò pé báńkì ni mo wà, Dádì."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yẹn.

Ó ní kí n bi í léèrè ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ pé: ṣé ẹ rántí ohun tí Motọ́lání sọ nípa ilé tá a kọ́ sí Jọ́ọ̀sì? A kò kọ́lé sí Jọ́ọ̀sì. A kò tilẹ̀ débẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà ní òun rántí: ó ní Motọ́lání fẹ́ràn atẹ́gùn ibẹ̀, ó sì máa ń gbin òdòdó sí iwájú ilé náà.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Tiwalọlá mú un, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ ráńṣẹ́ sí i, láìyọ, láìfikún. Ẹ̀rọ náà tún ní òun rántí Motọ́lání dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí òkúta ti yí padà: "Olùkọ́ rere, sinmi ní ilé ìmọ́lẹ̀."

"Ìrántí kan náà kọ́ nìyẹn," ni mo wí.

"Ìrántí kankan kọ́, Dádì. Kò sí ibi tó lọ wò ó. Ohun tó wà lójú ewé yìí ló ń rí, àfi tí áàpù bá kó ọ̀rọ̀ àtijọ́ pamọ́, tó sì gbé e síwájú rẹ̀. Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fúnra yín bá a sọ ló máa jẹ́, kì í ṣe ti Mọ́mì. Inú ìwé táwa èèyàn kọ ló ti kọ́ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mìíràn. Tẹ́nì kan bá ní 'ṣé ẹ rántí', 'bẹ́ẹ̀ ni' ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ọ́mọ̀ tàn yín. Ẹ wo ohun tó sọ, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti rí i."

Mo wò ó. Òdòdó: èmi ni mo sọ ọ́. Orin: èmi ni. Ọlátúndé.

Egungun ẹja náà nìyẹn. Láti ọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó, Motọ́lání kò pe orúkọ mi rí, ì báà jẹ́ níwájú àlejò. Dádì Ẹ̀bùn ló ń pè mí; kó tó bí Ẹ̀bùn pàápàá, "ẹ̀yin" ni. Èmi sì ń pè é ní Àmọ̀kẹ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ Àmọ̀kẹ́, torí pé mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo bi í tààrà bóyá ó lè rí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá a sọ. Ó tọrọ àforíjì, ó ní rárá.

"Ó ti jẹ́wọ́," ni mo wí.

"Ẹ má fi ìyẹn náà ṣe ẹ̀rí. Ẹnu kan náà ló fi ní òun rántí. Ibi tí áàpù ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí la máa wò."

Ó ṣí i fún mi. Ọ̀rọ̀ tèmi ọjọ́ náà nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó gòkè lọ tán, mo pe Mùktárù.

"Orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni kó o gbẹ́. Fi àyè ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn o! Àwọn èèyàn á ní mi ò parí iṣẹ́."

"Ó dùn. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Kí n wá ṣe àyè yẹn báwo?"

"Mú un dán dáadáa."

Mo jókòó sídìí fèrèsé. Mọ́ínmọ́ín Tiwalọlá ti tutù. Mo gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí Àmọ̀kẹ́ lè ti sọ, ní ohùn rẹ̀ gan-an, ohùn yíyára tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ibi tó ti ní òun máa kà á fún mi lọ́la nìkan ni mo gbọ́ dé.