Ojú Kápútẹ̀nì Lọ́rùn Gbogbo Wọn

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gbàgbé ayé díẹ̀díẹ̀ kì í fara balẹ̀. Àwọn obìnrin mọ́kànlá tí Bàbá kọ́ ní bọ́ọ̀lù láti kékeré wá kí i lóṣù tó kọjá, ló bá pariwo olè lé wọn lórí. Kápútẹ̀nì wọn, tó máa ń bá a gbé báàgì kiri pápá, sunkún jáde nílé wa. Látìgbà náà, wọn ò wá mọ́. Èmi nìkan ló kù tó ṣì mọ̀. "Ọmọ mi ayàwòrán," ló máa ń pè mí láràárọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Dókítà ní ká máa fi ojú wọn hàn án lójoojúmọ́ kí wọ́n tó tún padà wá. Ẹ wá wo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́! Ọ̀kan dúró nínú oòrùn, ó fún ojú pọ̀. Ọ̀kan wà nínú òkùnkùn bí ológbò. Ọ̀kan dé fìlà bo iwájú orí. Bàbá wò wọ́n títí, ó ní kí n kó pàǹtí yẹn kúrò níwájú òun. Mo ní kò burú, iṣẹ́ mi kúkú ni. Màá yà wọ́n kí wọ́n bára mu: ìlà dúdú tó nípọn, àwọ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ láti apá òsì, ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé, kí orí gbogbo wọn sì tóbi bákan náà.

Mo fọwọ́ ya Kápútẹ̀nì lákọ̀ọ́kọ́, ó sì jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ọwọ́ mi ò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Mo wá fi àwòrán rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún ètò ayàwòrán tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ń fún un ní fọ́tò àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó yà wọ́n bí ti Kápútẹ̀nì. Kíá ló yà wọ́n. Mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì tò wọ́n sára ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Àní mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Bàbá nàka sí àkọ́kọ́. "Kápútẹ̀nì."

Mo fò sókè.

Ó nàka sí èkejì. "Kápútẹ̀nì." Ó nàka sí ẹ̀kẹta. "Kápútẹ̀nì náà ni." Bó ṣe pe gbogbo wọn pátá nìyẹn. Ó wá wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ti parí. Mo pe gólì wọn lórí fóònù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìlẹ̀kùn nítorí bọ́ọ̀lù kì í ráàyè kọjá lára rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kan ìlẹ̀kùn.

Ó dúró síwájú ògiri. "Èmi dà níbẹ̀?"

"Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nì."

"Èyí? Yéè! Àgbọ̀n ta lo gbé lé mi lọ́rùn yìí? Èjí mi dà? Imú mi ńlá dà? Kápútẹ̀nì ló jí ìbọ̀wọ́ mi wọ̀ yìí o!" Ó yíjú sí mi. "Kóòṣì wa ò ṣìnà rárá. Ìwọ lo ṣìnà."

Mo tún wò wọ́n. Òótọ́ ni. Ojú èèyàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ ayàwòrán yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àgbọ̀n Kápútẹ̀nì, ló bá kó gbogbo rẹ̀ lé gbogbo wọn lórí. Irú orí burúkú wo nìyí! Bàbá tí mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti lọ ló ríran jù mí lọ.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàtà Bàbá, fèrè rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan ni mo yà, pẹ̀lú ìlà àti àwọ̀ kan náà, ìyẹn ni mo wá fi ṣe àpẹẹrẹ fún kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, mo tẹ́ fọ́tò oníkálukú sábẹ́ àwòrán rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi tún imú ṣe, mo tún eyín ṣe, mo dá àpá padà síbi tó wà. Ìlà, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ló yẹ kó bára mu. Ojú oníkálukú, tirẹ̀ ni. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, mi ò wọ yàrá Bàbá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé ló ń fún un lóúnjẹ, èmi ń bá àgbọ̀n àti imú jà.

Nígbà tí Sátidé pé, mo tò wọ́n sára ògiri. Àwọn mọ́kànlá náà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kápútẹ̀nì," ni Bàbá wí. Ìka rẹ̀ sún sí èkejì, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń bẹ ilẹ̀ kó lanu gbé mi mì.

"Ìlẹ̀kùn! Ọ̀lẹ yìí! Ṣé o ti wá ìbọ̀wọ́ rẹ rí?"

Ìlẹ̀kùn bú sẹ́kún. Bàbá pè wọ́n tán pátápátá, kò ku ẹnì kan. Wọ́n rọ́ wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ yí i ká, ó sì ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń bú wọn lórí pápá.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun gan-an, màdáámù. Ta ló ya àwọn wọ̀nyí?"

"Èmi ni, sà."

"Iṣẹ́ yín dára o. Mo lọ́mọ obìnrin kan tó máa ń yàwòrán. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ níta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wá wò wọ́n."

Mo ní màá sọ fún un.