Ìlà Mẹ́ta sí Àlájà Fàrídátù

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni máníjà pè wá jọ sí ẹ̀yìn kíṣìnnì, ó sọ fún wa pé wọ́n ti ta hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ Oyèbámijí tó ni ilẹ̀ ló tà á. Ẹni tó rà á kò nílò hòtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ etí òkun ló fẹ́, yóò wó ilé náà. Iṣẹ́ wa máa parí lópin oṣù. Àwa mọ́kànlá la dúró níbẹ̀. Mikail tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ bèèrè bóyá ọ̀gá tuntun náà máa fẹ́ kí òun máa tan iná fún ẹja. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kálukú sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Yàrá ni èmi ń tún ṣe. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà ní hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Eléko, mo sì ti tún wọn ṣe fún ọdún mẹ́fà. Ọkọ mi, Kàsímù, já bọ́ láti orí ọkọ̀ akóyanrìn lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gba iṣẹ́. Ọmọ méjì wà nílé. Ohun tí mo bá gbé wọlé la ń jẹ. Bí oṣù bá parí tí n kò rí ibòmíràn lọ, kò sí ohun tí a máa jẹ.

Ibì kan ṣoṣo ni ọkàn mi lọ. Lápá ibi tí èbúté ńlá wà, ilé-iṣẹ́ kan ń tọ́jú ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Yàrá wọn lé ní igba, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń tún un ṣe. Àlájà Fàrídátù ni ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í kàn rìn wọ ibẹ̀. Bí orúkọ rẹ kò bá sí lọ́wọ́ sìkiọ́rítì ní gétì, ìta lo máa wà. Mikail ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Kó tó rí ọkọ̀ wọ̀, ó rí sìkiọ́rítì tó ń fi ìwé náà fẹ́ ara.

Ẹni tó mọ Àlájà Fàrídátù láàárín wa ni Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, ọ̀gá mi. Ọdún méjìdínlógún ni Àǹtí ti lò ní hòtẹ́ẹ̀lì wa. Ọwọ́ wọn ni Fàrídátù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo lọ bá Àǹtí lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má gbàgbé mi, kí wọ́n bá mi wá nǹkan ṣe lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn. Wọ́n ní àwọn á rí sí i. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi wà lọ́kàn àwọn. Ọ̀sẹ̀ mìíràn tún kọjá.

Ni mo bá ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa bí ọ̀rọ̀ bá le. Mo mú ìyá ọkọ mi, Ìyá Sìlífátù, lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn ní Ajah, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. A gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dání. Ìyá gbìyànjú láti kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, Àǹtí sì yára dì wọ́n mú. Ìyá ní ọmọ Àǹtí ni mí, pé ọwọ́ Àǹtí làwọn fà mí lé, pé ohunkóhun tí Àǹtí bá sọ làwọn máa ṣe. Àǹtí fún wọn ní omi tútù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ orúnkún fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Àǹtí fà mí sẹ́yìn ilé.

“Mùínàt, ṣé o mọ ohun tó o ṣe báyìí? O ní kí n dúró fún ọ, kí n ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ. Mo ti dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí, nínú ilé olówó kan ní VGC. Ó jí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó ilé lọ. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá sílé. Títí dòní n kì í gba iwájú gétì yẹn kọjá. N kò dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́.”

Wọ́n kò pariwo. Wọ́n tiẹ̀ bá wa wá ọkọ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti Ajah dé Eléko. Èmi fúnra mi kò tíì bi ara mi léèrè ohun tí mo fẹ́ gan-an. Kì í ṣe pé kí Àǹtí dúró fún mi. Kì í ṣe pé kí wọ́n bá mi wá iṣẹ́. Ohun tí mo nílò ni kí Fàrídátù gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹni tó mọ̀, kí wọ́n lè jẹ́ kí n gba gétì kọjá. Ìyókù, ọwọ́ mi ni yóò sọ ọ́. Mo ti kó gbogbo ẹrù mi lé wọn lórí nígbà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n yá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo bá wọn nínú yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Mo kí wọn, mo sì dúró. N kò kúnlẹ̀, kó má baà tún di ẹ̀bẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má bínú sí tàná. N kò ní kẹ́ ẹ dúró fún mi mọ́. Mo ti kọ ìlà mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí Àlájà Fàrídátù. Ẹ yí èyí tí kò bá dáa nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ó parí nìyẹn, n kò ní bèèrè mọ́.”

Wọ́n ní kí n kà á, torí wọn ò mọ ibi tí wọ́n fi gíláàsì ojú wọn sí. Mo kà á:

“Àlájà, ẹ kú iṣẹ́. Mùínàt ti bá mi tún yàrá ṣe fún ọdún mẹ́fà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń gba èèyàn lóṣù tó ń bọ̀, àti ẹni tó lè fún ní ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí, bí kò bá sí àyè, ẹ kàn sọ pé kò sí.”

“Gbogbo ẹ̀ náà nìyí?”

“Gbogbo ẹ̀ náà nìyí, mà.”

“O ò wá sọ pé ilé yìí fẹ́ wó, o ò sọ ti ọkọ rẹ.”

Mo ní bí wọ́n bá bi mí, màá sọ. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà náà kì í ṣe irọ́, àwọn lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣí ojú ìwé Àlájà Fàrídátù lórí Wásáàpù, mo rí ohun tí n kò wá. Àǹtí ti kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù yẹn. Èyí àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tí máníjà bá wa sọ̀rọ̀ gan-an: “Àlájà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á túbọ̀ gbé yín ga. Ẹ má gbàgbé ìyá yín o.” Èyí tó tẹ̀ lé e ní àwòrán òdòdó: “Ọ̀sẹ̀ tuntun, oore tuntun. Ẹ rántí wa.” Ìkẹta ní ẹni tó bá rántí ibi tó ti wá, Ọlọ́run á rántí òun náà. Fàrídátù dá gbogbo rẹ̀ lóhùn: “Àmín, Àǹtí mi. Ẹ kú àdúrà.”

Ọwọ́ mi dúró. Oṣù mẹ́ta ló kù kí Àǹtí pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé iṣẹ́ tiwọn náà fẹ́ parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiwa, àti pé ilẹ̀kùn kan náà ni a jọ ń wò. Wọ́n mọ̀ pé mo ti rí i. Wọn ò wojú mi.

“Fi ránṣẹ́,” ni wọ́n wí.

Kò tó wákàtí kan tí èsì fi dé. Àlájà ní kí n wá lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, pé òun á fi orúkọ mi sílẹ̀ ní gétì. Àǹtí ti wá gíláàsì wọn rí, wọ́n kà á sí mi létí. Wọ́n tún fi ìka fa ojú fóònù sókè, bóyá ó kù. Kò kù.

Lọ́jọ́bọ̀ mo wọ ọkọ̀ kòròpé lọ. Orúkọ mi wà ní gétì. Àlájà Fàrídátù kéré sí bí mo ṣe rò, kò tíì tó ogójì ọdún. Ó ní yàrá mélòó ni mo lè tún ṣe lóòjọ́, mo sọ ọ́. Ó ní kí ni mo ń ṣe sí bẹ́díṣíìtì tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí, mo ní omi tútù ni n ó kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, nítorí omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ọwọ́ Àǹtí òun ni ìyẹn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n wá ní ọjọ́ kìíní oṣù, òun á fi ọ̀sẹ̀ méjì wò mí. Ìgbà yẹn ló wá bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ fi Àǹtí sílẹ̀.

Mo ní hòtẹ́ẹ̀lì ti di títà.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ka ohun tí Àǹtí kọ, ó tún un kà.

“Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín.”

Lẹ́yìn náà ó sọ ìyókù. Oṣù méjì ni òun fi wá àgbàlagbà obìnrin tó lè jókòó ti yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí kò ní máa sáré sókè sódò, tó mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ẹni tí òun gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ti fọwọ́ síwèé ọdún kan. Mo bèèrè bóyá àyè mìíràn lè wà. Ó ní ó lè wà lẹ́yìn ọdún, bí Àǹtí bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún òun. Mo ní ṣé kò lè pè wọ́n.

“Kí n pe Àǹtí mi, kí n ní mo gbọ́ pé wọ́n ń wáṣẹ́? Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́? Àbùkù ni, Mùínàt. Ẹnu wọn ló yẹ kó ti jáde.”

Mo padà sí Eléko ní ọ̀sán. Àǹtí ń ká bẹ́díṣíìtì. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ kìíní, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún mi. Inú wọn dùn lóòótọ́, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ká aṣọ kan tán kí wọ́n tó bèèrè.

“Ó bèèrè mi?”

Mo lè ní ó ní kí n kí wọn, kí n sì dákẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé Àlájà kò mọ̀ pé wọ́n ń wá iṣẹ́, pé àyè kan wà, pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i. Wọ́n bi mí ọjọ́ tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọjọ́ Ajé tó kọjá.

“Ó yẹ kó mọ̀,” ni wọ́n wí. “Èèyàn tó ní ọpọlọ, ó yẹ kó mọ̀.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn kọ ìlà mẹ́ta, kí wọ́n kàn bi í bóyá àyè á ṣí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mú fóònù wọn lórí aṣọ tí wọ́n ti ká, wọn ò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́. Kò gùn ju tèmi lọ. Mo fi hàn wọ́n, n kò tíì fi ránṣẹ́.

Wọ́n wọ gíláàsì ojú, wọ́n kà á dé òpin. Wọ́n ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Wọ́n wá ní, “Ọmọ tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú ni kí n wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?” Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó pẹ́ kó tó tán. Wọ́n fi fóònù sí àpò, wọ́n na etí bẹ́díṣíìtì kejì sí mi kí n dì í mú. Oṣù ku ọjọ́ márùn-ún.