Orí Fífọ́ Ìdí Máṣíìnì

Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù, àbúrò ló ń ránṣọ níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò níṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ilé ìwé wọlé, ẹ̀gbọ́n kó àwọn àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà, ó sì gbé àpótí fún àbúrò. Àpótí náà kúrú débi pé tábìlì máṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o láyà. Kó tó lè ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, àfi kó gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹni tí òjò ń pa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iná sì wà. Òjìji orí rẹ̀ ló ń bo ojú aṣọ, ló bá ń na ọrùn síwájú kó tó rí ibi tí òwú gbà. Bó ṣe ń jókòó nìyẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kò lù ú kì-kì-kì o, ńṣe ló ń fún un bíi gèlè tí wọ́n so le jù. Láti ìpàkọ́ ni yóò ti gbéra, èjìká á le gbagidi, ìrora á sì yí orí ká títí dé iwájú.

Ẹ̀gbọ́n ní kó lo oògùn orí fífọ́. Ó lò ó, ó rọ̀, ó tún padà. Nígbà tó yá, kì í fọwọ́ kan aṣọ láìjẹ́ pé ó ti gbé oògùn mì. Tó bá dúró díẹ̀ kó lè fọwọ́ tẹ ọrùn, ẹ̀gbọ́n á ní iṣẹ́ ló ń sá fún. Ó sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà. Ó tún lọ sọ fún ìyá wọn. Ìyá pe àbúrò, ó rán an létí pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àbúrò dáhùn pé òun ò tíì rí oyin kankan lórí àpótí kúkurú tí wọ́n gbé fún òun, àáké nìkan ló ń kan òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọrùn rẹ̀ kọ̀, kò ṣeé yí. Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà bi í bóyá ojú rẹ̀ ń ṣú, bóyá ó ń bì, bóyá ibà ń ṣe é, tàbí apá rẹ̀ ń kú tipiri. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ èjìká rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó síbi iṣẹ́. Nígbà tó rí i, ó mi orí.

"Orí èèyàn wúwo," ló wí. "Tó o bá nà án síwájú báyìí, iṣan ọrùn àti ti èjìká ló máa ń gbé e látàárọ̀ dalẹ́. Iṣan tí kò rí ìsinmi á le, ìrora rẹ̀ á sì gun orí. Oògùn tó ò ń gbé mì lójoojúmọ́ yẹn náà sì lè máa dá orí fífọ́ padà."

Ó ní kó wá àga gíga tó ṣeé fẹ̀yìn tì, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá tábìlì dọ́gba, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí iná sún mọ́ abẹ́rẹ́, kó máa dìde na ara léraléra, kó sì jáwọ́ nínú oògùn náà.

Àbúrò padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ro ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní àpótí náà ni òun fi kọ́ṣẹ́. Àbúrò gbé àga kan láti iwájú wá sídìí máṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n gbá àga náà mú, ó wọ́ ọ padà.

Àbúrò fa aṣọ tó ń rán yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó jù ú sílẹ̀.

"Àǹtí, ọrùn mi kọ́ ni ẹ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa rán an fúnra yín."

Ó jáde.

Aṣọ ilé ìwé ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí ìyá pé àbúrò ti ya aláìmoore. Kí ìyá tó lọ bá àbúrò wí, ó kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù, láìsọ pé òun ń bọ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n nídìí máṣíìnì, tó ń ránṣọ. Orí àga oníbàárà ló jókòó sí, ó fi tìmùtìmù lé e, ó fa iná wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Níbo lo gbé àpótí sí?" ló bi í.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

"Tìẹ dùn ọ́ lọ́jọ́ mélòó kan, o wá àga. Tàbúrò rẹ dùn ún fún oṣù mélòó kan, o pè é ní ọ̀lẹ. Èmi náà sì gbà ọ́ gbọ́." Ìbínú ò jẹ́ kó lè jókòó.

Ó lọ bá àbúrò, kò sì bá a wí mọ́, ó bẹ̀ ẹ́ ni. Àbúrò padà, àmọ́ ó kọ́kọ́ rí i pé àga àti iná wà níbi tó yẹ. Orí fífọ́ náà ò lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jáwọ́ nínú oògùn bí nọ́ọ̀sì ṣe là á sílẹ̀ fún un, ó tilẹ̀ kọ́kọ́ le sí i, kó tó di pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá. Ọrùn rẹ̀ ń yí báyìí.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé òun jẹ̀bi. Àbúrò náà ò bá a ṣẹ̀rín mọ́. Tó bá dé láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, á na èjìká rẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n dáadáa, á sì tẹ máṣíìnì kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dé.