Ọjọ́ Tí Ìyá Àwẹ̀ró Mú

Òjò ṣú bo Ṣàgámù ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè tí kóòtù Abẹ́òkúta ránṣẹ́ pé àwọn ti fa ẹjọ́ kan síwájú sí ọjọ́ kejì. Agbẹjọ́rò Mofìyìnfólúwa káwọ́ lérí. Ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni Ìyá Àwẹ̀ró, arúgbó kan ní Likosi, ń bọ̀ wá tẹ̀ka sí ìwé ìhágún rẹ̀. Oko tó fi owó ara rẹ̀ rà ló fẹ́ fi sílẹ̀ fún Ìdíátù, opó ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò yẹ àgbà. Ó pè é.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kóòtù pè mí sí Abẹ́òkúta lójijì, n kò ní lè rí yín lọ́la. Mo mọ̀ pé ẹ ti múra, ó sì dùn mí. Kí ẹ má baà rìn mọ́, èmi ni màá mú ìwé náà àti ẹlẹ́rìí méjì wá bá yín nílé. Ṣé àárọ̀ Wẹ́sìdeè ni, ní aago mẹ́wàá, àbí ọ̀sán Fúráìdeè, ní aago méjì? Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú."



"Fúráìdeè dára, ọmọ mi."

"Ó dáa, Mà. Aago méjì ọ̀sán Fúráìdeè. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí láàyè."

Ní Fúráìdeè, nígbà tí Mofìyìnfólúwa àti ẹlẹ́rìí méjì dé ilé Ìyá Àwẹ̀ró, ó rí àwọn ọkùnrin tó jókòó káàkiri àgbàlá, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìdíátù jáde wá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìdájí àná ni Ìyá jáde láyé. Àyà ló ń dùn wọ́n."

Mofìyìnfólúwa wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé Wẹ́sìdeè kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni?"

"Ilé ni wọ́n wà látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní kí wọ́n mú Wẹ́sìdeè. Wọ́n ní á ti rẹ ẹni tó bá ti Abẹ́òkúta dé, kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sinmi."

Lásúnkànmí, àbúrò olóògbé, dìde láàárín àwọn ọkùnrin.

"Lọ́yà, ṣé ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ka síbì kankan?"

Ó wu Mofìyìnfólúwa kó purọ́.

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti Ìdíátù."

"Ẹbí á jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí," ni ọkùnrin náà wí, ó sì padà lọ jókòó.

Ìdíátù fa Mofìyìnfólúwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé nǹkan kan ṣì wà tí ẹ lè ṣe?"

"Màá máa bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tí Ìyá kò tẹ̀ka sí kò lágbára, ọwọ́ ẹbí ni oko náà wà báyìí."

Ìdíátù mi orí. Ó wọlé lọ bu omi wá fún àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí ọ̀nà tí wọ́n rìn jìn, oòrùn sì mú.