Ìránnilétí Àárọ̀ Mọ́ńdè

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo kọ, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Èmi ni mò ń mójú tó gbèsè àwọn oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń ta fúláwà fún àwọn oníbúrẹ́dì. Ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ nìyí:

"Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìránnilétí sí oníbàárà tí ọjọ́ ìsanwó ínfọ́ìsì rẹ̀ bá ti kọjá. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni yóò máa lọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí owó yóò fi wọlé tí n ó sì ti fi sákọsílẹ̀. Yóò dárúkọ ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan tí wọn ò tíì san, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti san án. Àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nínú fáìlì oníbàárà ni yóò lò. Bí ẹ bá ní oníbàárà tí a ti bá ṣe àdéhùn mìíràn, tàbí tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá tọ̀nà mọ́, ẹ sọ fún mi kó tó di ọ̀sán Fúráìdè, kí n lè dá tirẹ̀ dúró. Èmi ni kí ẹ kàn sí, kì í ṣe ọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe."

Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹnì kankan ò dáhùn. Mo bá dìde, mo lọ bá Ẹnu-Oyin nídìí tábìlì rẹ̀. Òun ni àgbà láàárín àwọn tó ń bá wa tajà, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè ta omi fún ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ímeèlì mi?"

"Mo ti rí i."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ rí i. Afọ́jú nìkan ni ò ní rí i. Ṣé ẹ kà á?"

"Ata Wẹẹrẹ, o tún ti dé! Kò sí oníbàárà mi tó ní wàhálà. Lọ jókòó, kí ara rẹ balẹ̀."

Orúkọ tí wọ́n sọ mí nítorí ẹnu mi nìyẹn. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo bú wọn padà, mo sì lọ jókòó.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ẹnu la fi ń ṣàdéhùn níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá ló dá a sílẹ̀. Ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń já fúláwà, kó sọ fún oníbàárà àtijọ́ pé, "Fi í sílẹ̀ ná, ìgbà tí mo bá béèrè ni kó o san án." Ẹni tó tajà á mi orí, ó parí. Wọn ò ní kọ ọ́ síbì kankan, wọn ò sì ní sọ fún èmi tí mò ń ka gbèsè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látọjọ́ nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ń béèrè kíákíá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nígbà tí Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè mọ́, ìwé lọ. Mi ò tíì bọ́ báàgì léjìká tán tí Ẹnu-Oyin já wọlé, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Ti Bàbá Oníbúrẹ́dì ńkọ́? Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Ó káwọ́ lérí. "Mo gbé! Ọ̀gá ti ní kí wọ́n má tíì san án! Nígbà tí ìyàwó wọn ń ṣàìsàn ni, kó tó kú. Àdírẹ́sì ọmọ wọn obìnrin ló sì wà nínú fáìlì. Bàbá ò ní ímeèlì."

"Ọmọ wọn kẹ̀? Ṣé ọmọ ò mọ̀ ni?"

"Kò mọ̀! Òun ló ń san owó ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ pé wọ́n tọrùn bọ gbèsè nítorí búrẹ́dì, òun ò ní san owó ilé mọ́, òun á wá kó wọn lọ sílé òun. Ata, ibi iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù fún bàbá yìí láyé."

Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́sẹ̀ tó kọjá wá sí mi lọ́kàn. Ǹ bá fi bú u, ṣùgbọ́n èébú kì í dá ìwé padà. Mo pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Ti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè dá a dúró," ó ní. "Èyí tó ti lọ ti wọ àpótí ímeèlì ẹni tí a kọ ọ́ sí. Bí ẹyin tó bọ́ sílẹ̀ ni, mà."

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

Kò gbójú sókè. "Báǹkì tó yá wa lówó ń béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ wá ní gbèsè. Ṣé kí n wá fẹnu ara mi sọ pé mo ní kí oníbàárà má sanwó? Ìwọ pè é. Bá mi tù ú nínú."

"Ẹnu tẹ́ ẹ fi ṣe é kọ́ ni tèmi, sà. Ẹnu tó fa aṣọ ya ló yẹ kó rán an."

Wọ́n gbọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ọ̀gá kàn ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sí ojú ewé kejì ni. Mo lè bá gbogbo ayé jà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dáhùn, báwo lèèyàn ṣe ń bá a jà?

Mo pe obìnrin náà. Ó ti kà á. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì bú mi.

"Ẹ ṣé tí ẹ pè, mà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé òótọ́ ni iye tó wà níbẹ̀?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni, pé kọ̀ǹpútà tuntun ni, pé kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo tẹ ínfọ́ìsì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ti gbà pé kí bàbá má tíì san án."

"Ṣé ìwé kan wà tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́."

"Ṣé ọ̀gá yín wà níbẹ̀ kí n bá wọn sọ̀rọ̀?"

Mo wo ilẹ̀kùn Ọ̀gá tó wà ní títì. "Wọ́n... ọwọ́ wọn dí, mà."

"Mo ti gbọ́," ó ní. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ lóòótọ́. Èmi tí mo pè láti tún un ṣe ni mo wá fi èdìdì dì í.

Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì wọlé wá. Bàbá wọ aṣọ òde, ṣùgbọ́n fúláwà ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan, kò dúnàádúrà. Mo fi sákọsílẹ̀, orúkọ bàbá sì kúrò lójú kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́.

"Kò ní kọ̀wé sí wa mọ́?" bàbá bi mí.

"Rárá, sà. Tí wọ́n bá ti san án, ó parí."

Ó yíjú sí Ẹnu-Oyin. "Ẹ má gbé fúláwà ọ̀la wá mọ́ o. A ti pa iná ààrò."

Ẹnu-Oyin mú bírò, ó fa ìlà sórí orúkọ bàbá nínú ìwé ẹrù ọ̀la.

"Mo dúpẹ́, mà," obìnrin náà sọ fún mi, omi sì wà lójú rẹ̀. "Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, ibẹ̀ ni bàbá mi ì bá kú sí, nínú ooru, pẹ̀lú gbèsè. Ẹni tó ronú kàn án, ẹ bá mi kí i."

Bàbá wò mí. "Ṣé ìwọ ni, ọmọ mi?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ rẹ lo ṣe."

Mo tẹ rìsíìtì jáde, mo nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá na ọwọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti gbà á, ó ti ká a, ó sì ti jù ú sínú báàgì.