Ẹni Tó Ń Fi Nọ́ńbà Mọ Pupa

Nọ́ńbà ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù, nítorí kì í pe àwọ̀ lórúkọ. Bí ẹnìkan bá ní kí oòrùn inú àwòrán pupa díẹ̀ sí i, nọ́ńbà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ àwọ̀ ni yóò kà jáde wàràwàrà, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, oòrùn náà á dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Wọ́n gbà pé àṣejù ọ̀mọ̀wé ni. Ẹlẹ́yinjú, ọmọbìnrin tó ń yàwòrán ní tábìlì kejì, nìkan ló mọ̀ pé ojú ni kò gbà fún un.

Lábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo ni Nọ́ńbà ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní láti kékeré ni pupa àti àwọ̀ ewé ti dà bí ọmọ ìyá kan náà lójú òun. Ẹlẹ́yinjú bi í léèrè nípa aṣọ pupa tí òun ń tìtorí rẹ̀ wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní bí koríko gbígbẹ ni òun ṣe ń rí aṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ hàn sí òun kedere. Ọkàn ọmọbìnrin náà yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Nọ́ńbà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí Ọ̀gá yóò fi yan olórí ayàwòrán, ipò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ti Nọ́ńbà ni. Tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, òun fúnra òun á sọ ọ́, àwọn méjèèjì á sì lọ rí àwọn òbí Ẹlẹ́yinjú.

Géèmù tuntun ló da ọ̀rọ̀ rú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ló wà nínú rẹ̀: òrùka àwọ̀ ewé yí àwọn ọ̀rẹ́ ká, òrùka pupa yí àwọn ọ̀tá ká. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ ni Nọ́ńbà ń yìnbọn pa. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́yinjú kò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí àwòrán náà nínú ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán. Ibì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀, tí àwòrán á sì hàn bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ya pupa sọ́tọ̀ ṣe ń rí i. Kò ní yí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà. Bó ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń yí padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ di àwọ̀ ẹrẹ̀ kan náà. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò sẹ́tíǹsì tuntun, ìyẹn ètò àwọ̀ mìíràn tí ẹni tó ń gbá géèmù lè yàn: búlúù fún ọ̀rẹ́, àwọ̀ ọsàn fún ọ̀tá, àmì onígun mẹ́ta lórí ọ̀tá pẹ̀lú, kí ẹni tí àwọ̀ bá tàn jẹ lè fi àmì mọ̀ ọ́n. Òǹgbẹ gbẹ ẹ́, ó dìde lọ mu omi, kò sì pa ìwò aláwọ̀ ẹrẹ̀ náà.

Ìgbà tó padà, Ọ̀gá ti dúró síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Ta ló da ẹrẹ̀ sórí iṣẹ́ tí oníbàárà ń bọ̀ wá wò?”

Ẹlẹ́yinjú sáré pa ìwò náà, àwọ̀ padà bọ̀ sípò. Ó ṣàlàyé pé ohunkóhun kò bàjẹ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó wá béèrè ìdí tó fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìbá ní nítorí àwọn tó máa ra géèmù ni, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìfẹ́ kún kì í mọ ibi tó yẹ kó dé.

“Bí Nọ́ńbà wa ṣe ń rí i gan-an nìyẹn, Ọ̀gá. Síbẹ̀, ẹ wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó.”

Ó rò pé òun yìn ín ni. Ọ̀gá tún wo àwòrán náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, wọ́n kéde pé Ẹlẹ́yinjú ni olórí ayàwòrán. Nọ́ńbà ni wọ́n ní kó dán sẹ́tíǹsì tuntun wò, nítorí pé ojú rẹ̀ wúlò fún un. Ó jókòó, ó yàn án, ó gbá géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yìnbọn pa ọ̀rẹ́ kan. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́.

Ẹlẹ́yinjú tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ní òun á dá ipò náà padà, pé ìfẹ́ ló mú òun sọ ọ́.

“Ìfẹ́ ni, mo mọ̀,” Nọ́ńbà ní. “Iṣẹ́ rẹ dáa, mo rí gbogbo wọn, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ni, èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹyin lohùn.”

Ọ̀gá kò gbà kó dá ipò náà padà. Ó ní ẹni tí kò mọ pupa kò lè ṣe olórí àwọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Nọ́ńbà gbé àwòrán wá sí tábìlì olórí tuntun. Kò fa àga jókòó tì í bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá. Ẹlẹ́yinjú tẹjú mọ́ àwòrán náà, ó ní ó dára, ó sì fọwọ́ sí i.