Ọ̀wẹ̀ Alájà Lìmọ́tà

Kí ẹ má baà rò pé èèyàn rere ni mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo mọ ohun tí mo ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni Rufus tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Alájà Lìmọ́tà wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Olórin wàká tí wọ́n ń torí ẹ̀ wá láti Ìkàrẹ́! Dókítà ní bó bá tún kọrin, ohùn náà á lọ pátápátá. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni fídíò mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà lójú òpó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni òpó bá gbà láti máa fi ìpolówó sí wọn, á rí jẹ. Bí wọn ò bá gbà, ó di ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní Ìṣùà, ìyàwó tó ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé òun ò ní yàrá fún arúgbó.

"Rufus, ọ̀sẹ̀ keje rèé," ó ní. "Wọ́n ní nǹkan bí oṣù kan ni àyẹ̀wò máa ń gbà. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń tẹ̀lé mi, wákàtí ẹgbàajì tí wọ́n béèrè ti pé. Bá mi kọ ímeèlì sí wọn, kí wọ́n sọ ohun tó ń dá wọn dúró."

Ẹ tún gbọ́ èyí: obìnrin yìí kọrin níbi ìgbéyàwó mi. Owó tí mo fún un kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá gbé e lórin pé ọkọ ìyàwó ò náwó, àjà ló ń kà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, "Kàjà" lọmọdé ń pè mí títí dòní. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo kọ ímeèlì náà dáadáa. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nígbà tó di ọwọ́ mi mú.

"Fi kún un pé mi ò dá wà. Àwọn obìnrin àṣàlátù mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wa, ọgọ́fà, ló bá mi ṣe ọ̀wẹ̀. Láti àsùbáà títí di ìṣáì ni wọ́n ń tan fídíò mi sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí a ṣe kó wákàtí jọ nìyẹn. Kí wọ́n mọ̀ pé mo léèyàn."

Níbi tiwa, bí oko bá ju agbára ẹni lọ, a máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tí ogún ọkọ́ bá jáde fún, iyì rẹ̀ ni. Iyì rẹ̀ ni Alájà ń kà sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ni òpó, kí èèyàn kó àwọn kan jọ láti máa tan fídíò sílẹ̀ kí wákàtí lè pọ̀, màgòmágó ni, ó wà nínú òfin wọn. Mo ti ka òfin náà fún olórin méjì rí. Gbólóhùn kan péré ni mo jẹ Alájà: ẹ má fi ìyẹn sí i. Mo gbé e mì.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ̀ wọ́n?" mo bi í.

"Èmi náà ni o."

Mo tẹ ìyẹn náà sí i.

Èsì dé ní Tọ́sìdeè. Wọ́n ti kọ̀. Wọ́n ní wíwò inú òpó náà kì í ṣe ojúlówó, pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ló ní láti pẹjọ́ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo kà á fún un, inú mi sì dùn. Kí ni kí n máa fi pa mọ́?

Alájà tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kì í ṣe ojúlówó? Wọ́n rò pé mo purọ́, pé kò sáwọn èèyàn mi?"

Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Sátidé ó dé pẹ̀lú ìwé ọmọ iléèwé kan. Orúkọ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, àwọn tí kò mọ̀wé kọ tẹ̀ka. "Tẹ̀ ẹ́ fún wọn," ó ní, ìka kan lọ́fun. "Kí wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo tẹ Latifah, mo tẹ Hafsoh, mo ń tẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé orúkọ kẹrìnlélọ́gọ́rin, ọwọ́ mi dúró. Fọlákẹ́, ará Epinmi. Nọ́ńbà ìyá mi ni. Ìyá mi, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, tí bátìrì fóònù rẹ̀ máa ń ti kú ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é lọ́dún tó kọjá.

"Kí ni màmá mi ń ṣe níbí?"

Alájà rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún un pé ìwọ lo bá mi ṣí ojú òpó yìí. Ó ní òun náà á dá sí i, kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun má baà já sásán."

Mo mọ̀ pé ìwé yìí gan-an ni ẹ̀rí tí wọ́n máa fi dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ báyìí, á mọ̀ pé mo ti mọ̀ láti Mọ́ńdè. Ó ń wò mí, ó ń dúró. Mo tẹ nọ́ńbà ìyá mi, mo tẹ mẹ́rìndínlógójì tó kù, mo sì fi ránṣẹ́.